Bí A Ṣe Ń Yan Ìṣó, Sukúrúù àti Bóòtù fún Igi àti Irin

Ìṣó, sukúrúù àti bóòtù ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n ń so nǹkan méjì pọ̀ kí wọ́n má baà tú. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń di nǹkan mú yàtọ̀. Ìṣó kò ní agbára kan ju bí igi ṣe fún un mọ́ra lọ. Sukúrúù ní tẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tó lọ́ yí ara rẹ̀ ká, èyí tó fi ń gé ọ̀nà sínú igi tó sì fi ń há síbẹ̀. Bóòtù ní tirẹ̀ ń la nǹkan méjèèjì já, orí rẹ̀ á wà ní ìhà kan, nọ́ọ̀tì á wà ní ìhà kejì, àwọn méjèèjì á sì fún ohun tó wà láàárín wọn pọ̀.

Kí oníṣẹ́ tó mú ọ̀kan nínú wọn, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà máa fà á. Bí pákó bá wà lára òpó, tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ńṣe ni ẹrù náà ń gbìyànjú láti gé ìṣó ní ìbú. Ìṣó ń fara da èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ń gbé páànù òrùlé sókè, ó ń fa ìṣó jáde gba ọ̀nà tó gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni agbára ìṣó ti kéré jù. Níbi tí ẹrù bá ti ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣó lè tó. Níbi tó bá ti ń fà á yọ, sukúrúù ló yẹ. Bí ẹrù bá wúwo, tàbí tí nǹkan náà ń mì, tàbí tí wọ́n máa tú u lọ́jọ́ iwájú, bóòtù ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan gígùn, tẹ́ẹ̀dì àti irú irin tí wọ́n fi ṣe é.

Ìṣó: inú igi kejì ni gígùn rẹ̀ wà

Gígùn ìṣó tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó wọ inú igi kejì. Pákó òkè kàn wà lábẹ́ orí ìṣó ni, igi ìsàlẹ̀ ló di ìṣó mú. Ìdí nìyí tí àwọn káfíńtà fi máa ń lo ìṣó tó gùn tó ìlọ́po mẹ́ta nínípọn pákó òkè. Bí pákó bá nípọn ní íǹṣì kan, ìṣó íǹṣì mẹ́ta ni wọ́n á mú. Íǹṣì kan á wà nínú pákó, íǹṣì méjì á sì wà nínú igi tó gbà á. Bí igi ìsàlẹ̀ kò bá nípọn tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ìṣó á yọ ní ìhà kejì. Níbi tí kò bá ti ba ojú iṣẹ́ jẹ́, wọ́n lè fi òòlù tẹ ẹnu ìṣó náà dùbúlẹ̀ ní ìdábùú ìlà igi kó tún wọnú igi padà. Ìṣó tí wọ́n tẹ̀ báyìí ṣòroó fà yọ ju èyí tó kàn wọlé tó dúró lọ.

Igi líle bí ìrókò, apá tàbí òpèpè kì í fẹ́ gba ìṣó ńlá nítòsí ìpẹ̀kun pákó, ó máa ń là. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò tó kéré ju ìṣó lọ díẹ̀. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá fífẹ̀ ìṣó kò ní dín agbára ìṣó kù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí igi là. Fún ìṣó mìlímítà 4, ihò mìlímítà 3 tó. Bí kò bá sí dírìlì, wọ́n lè fi òòlù gbá ṣóńṣó ìṣó díẹ̀ kó kú. Ṣóńṣó mímú ń ya fọ́nrán igi sọ́tọ̀ bí ó ṣe ń wọlé, èyí tó kú ń fọ́ wọn mọ́lẹ̀. Kò sì dára kí ìṣó méjì tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà igi kan náà, torí ìlà yẹn ni igi yóò bá là.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń jẹ́ kí ìṣó tó gùn tó ṣì tú. Ọ̀kan ni kí wọ́n kàn án sí ojú ibi tí ayùn ti gé igi ní ìbú. Níbẹ̀, ìṣó ń bá ìlà fọ́nrán igi lọ, àwọn fọ́nrán náà kò sì lè fún un dáadáa. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n kan ìṣó méjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan dojú kọ èkejì. Ohun kejì ni pákó tútù. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á máa gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti kàn án, bó sì ṣe ń súnkì ló ń tú ìṣó sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé orí ìṣó ti yọ sókè lórí pákó lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan ti rí ẹ̀rí èyí. Bí wọ́n bá tún gbá a wọlé, kò ní pẹ́ yọ, nítorí ihò ti fẹ̀. Sukúrúù tó nípọn ju ìṣó náà lọ ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀.

Sukúrúù: ibi tí tẹ́ẹ̀dì yẹ kó wà

Tẹ́ẹ̀dì sukúrúù igi jìn, àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí èkejì sì fẹ̀, nítorí igi rọ̀, eyín náà sì ní láti gbá fọ́nrán púpọ̀ mú. Sukúrúù tó wà fún irin pẹlẹbẹ ní eyín tó mú, tó sún mọ́ra, tó sì dé ìdí orí rẹ̀, torí pé irin náà fẹ́lẹ́, àwọn eyín tó bá kàn án kò pọ̀.

Sukúrúù igi tó dára máa ń ní ọrùn tó dán láàárín orí àti ibi tí tẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀. Ọrùn yẹn ni kó wà nínú pákó òkè, kí tẹ́ẹ̀dì sì wà nínú igi ìsàlẹ̀ nìkan. Bí tẹ́ẹ̀dì bá gbá igi méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àlàfo kékeré wà láàárín wọn, bó ti wù kí wọ́n yí sukúrúù náà tó, àlàfo náà kò ní pa dé, nítorí igi méjèèjì jọ ń rìn lórí tẹ́ẹ̀dì kan náà ni. Ẹni tó bá ń lo sukúrúù tí tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé orí gbọ́dọ̀ lu ihò pákó òkè kó fẹ̀ ju sukúrúù lọ díẹ̀, kí sukúrúù máa yọ́ gbà á kọjá láìgbá a mú. Nígbà náà ni orí sukúrúù yóò lè fa pákó náà wá sórí èkejì.

Ihò igi ìsàlẹ̀ ní láti kéré ju ìyẹn lọ. Kó fẹ̀ tó igi ọ̀pá tó wà láàárín àwọn eyín náà ló yẹ, kí eyín nìkan rí igi gé. Fún sukúrúù mìlímítà 5 nínú igi líle, ihò mìlímítà 3.5 dára, nínú igi rírọ̀, ó lè dín sí 3. Bí ihò bá kéré jù, sukúrúù á gbóná, orí rẹ̀ á jẹ tàbí ọrùn rẹ̀ á kán. Bí ó bá tóbi jù, sukúrúù á kàn máa yí láìdúró. Àbẹ́là tí wọ́n fi pa tẹ́ẹ̀dì ń jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọṣẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí irin dípẹtà nínú ihò, nítorí náà àbẹ́là sàn jù. Ìrókò tún ní ìṣòro tirẹ̀: nígbà míì, ohun líle bí òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń sọ ẹnu dírìlì di kíkú. Bí dírìlì bá dédé dúró, tí kò rìn mọ́, kí wọ́n sún ihò náà síbòmíràn.

Sukúrúù dúdú tí wọ́n ṣe fún pátákó ògiri inú ilé ló ń fa ìfọ́jú jù. Ó pọ̀ lọ́jà, ó sì mú, àwọn èèyàn sì ń fi í ṣe gbogbo nǹkan. Irin rẹ̀ le gan-an, torí náà kì í tẹ̀ kó tó kán, ṣe ló máa ń já lójijì. Bí wọ́n bá fi í de ìnàró ilẹ̀kùn tó wúwo mọ́ férémù ìrókò, ìlẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ á já àwọn orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú tó dú kò sì dá ìpẹtà dúró. Idẹ ní tirẹ̀ kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Nínú igi líle, kí wọ́n kọ́kọ́ fi sukúrúù irin tó bá a dọ́gba gé ọ̀nà, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tó wá fi ti idẹ rọ́pò.

Bóòtù: tẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ara mu

Agbára bóòtù wà nínú fífún tó ń fún nǹkan pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú nọ́ọ̀tì le, bóòtù ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń fa irin méjèèjì mọ́ra títí wọn kò fi lè yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí okùn tí wọ́n fà le ṣe ń mú ẹrù orí kẹ̀kẹ́ dúró. Bóòtù tí wọn kò fún dáadáa á máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì á máa yí padà, ihò á sì máa fẹ̀.

Lára àpò bóòtù ni wọ́n ti máa ń kọ ìwọ̀n bí M8×45. M8 ni pé ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 8, 45 sì ni gígùn rẹ̀. Láti abẹ́ orí ni wọ́n ti ń wọn gígùn náà, àyàfi bóòtù tàbí sukúrúù tí orí rẹ̀ ń rì sínú ohun tó dè, èyí tí wọ́n ń wọ̀n tòun ti orí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fi nọ́ńbà sípánà pe bóòtù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bóòtù 13. Mẹ́tàlá yẹn ni fífẹ̀ orí rẹ̀, bóòtù M8 ló sì sábà máa ń ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi 13 lu ihò á lu ihò tó fẹ̀ jù fún un. Mìlímítà 9 ló yẹ fún M8.

Tẹ́ẹ̀dì bóòtù méjì lè jọra lójú kí wọ́n má sì bá ara mu. Lọ́dún 1841, Joseph Whitworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà tẹ́ẹ̀dì kan kalẹ̀ tó dá lórí íǹṣì, níbi tí igun eyín jẹ́ digiríì 55. Tẹ́ẹ̀dì onímìlímítà tòde òní ní igun digiríì 60, fífẹ̀ sí fífẹ̀ eyín rẹ̀ sì yàtọ̀. Bóòtù tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 7.9, ó sì sún mọ́ M8 tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.41, ti M8 gbogboogbò sì jẹ́ 1.25. Nọ́ọ̀tì ọ̀kan á wọ orí èkejì ní ìyí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á há. Ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un á kàn jẹ eyín méjèèjì ni. Nọ́ọ̀tì tó bá a mu gbọ́dọ̀ ṣe é fi ọwọ́ lásán yí dé ìsàlẹ̀. M8 tún ní irú tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.0. Wọ́n ń lò ó nínú ẹ̀rọ, òun náà kò sì bá ti gbogboogbò mu.

Lórí bóòtù onígun mẹ́fà, wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà bí 4.6 tàbí 8.8. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí agbára tó lè já a ṣe pọ̀ tó, èkejì sì ń sọ iye ìdá mẹ́wàá agbára yẹn tó lè gbà kó tó nà tí kò ní lè padà mọ́. Bóòtù M8 oní 4.6 á já bí ẹrù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ bá fà á gbọọrọ, èyí tó jẹ́ 8.8 á gbà tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Bí orí bóòtù irin kò bá ní nọ́ńbà kankan, kí wọ́n kà á sí aláìlágbára, kí wọ́n má fi í gbé ohun tí èèyàn máa jókòó tàbí dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Irú irin tó yẹ

Inú ilé tó gbẹ kò ní ìṣòro, irin lásán tó. Níta, síńkì ló ń dáàbò bo irin, àmọ́ oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń dán yanranyanran ni wọ́n fi iná mànàmáná lẹ síńkì mọ́. Síńkì náà fẹ́lẹ́ gan-an, òjò ọdún díẹ̀ á sì jẹ ẹ́ tán. Èkejì ni wọ́n rì bọ inú síńkì yíyọ́. Ó ní àwọ̀ eérú, kì í dán, ara rẹ̀ a sì máa rí ṣákaṣàka. Síńkì tirẹ̀ lè nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí nínípọn yìí, wọ́n ń gé nọ́ọ̀tì rẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì náà papọ̀.

Létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń yára jẹ síńkì, síténlẹ́ẹ̀sì ló sì dára níbẹ̀. Wọ́n máa ń kọ A2 tàbí A4 sí orí rẹ̀. A2 tó fún òjò, A4 ló ń gbà á lọ́wọ́ iyọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì síténlẹ́ẹ̀sì lórí bóòtù síténlẹ́ẹ̀sì lè lẹ̀ mọ́ra pátápátá bí wọ́n bá ń yí i kíákíá. Kí wọ́n fi gíríìsì pa á, kí wọ́n sì rọra mú un le.

Igi náà lè ba irin jẹ́. Ìdígbò ní èròjà kíkan nínú, bí ó bá sì tutù tí irin lásán wà nínú rẹ̀, igi á dúdú yí orí ìṣó ká, ìṣó náà á sì máa jẹ. Fún ìdígbò tó máa rí omi, síténlẹ́ẹ̀sì tàbí idẹ ni. Bí irin méjì tó yàtọ̀ bá sì jọ wà nínú omi, ọ̀kan á jẹ nítorí èkejì. Èyí burú jù nígbà tí ohun tó máa jẹ bá kéré, tí èkejì sì tóbi. Sukúrúù irin kékeré nínú pẹpẹ síténlẹ́ẹ̀sì ńlá kò ní pẹ́. Síténlẹ́ẹ̀sì kékeré nínú irin ńlá tí wọ́n kùn dáadáa lè pẹ́.

Àpẹẹrẹ kan: bẹ́ǹṣì ìta létí òkun

Ká ní bẹ́ǹṣì kan yóò dúró níta ní Badagry. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin áńgù tó nípọn ní mìlímítà 5, tí wọ́n ti rì bọ síńkì. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ pákó ìrókò mẹ́ta tó nípọn ní mìlímítà 25. Igi ìrókò kan tó nípọn ní mìlímítà 40 wà lábẹ́ àárín wọn, kí pákó má baà máa tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti so pákó mọ́ irin, bóòtù olórí roboto tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin ló bá a mu. Orí rẹ̀ kì í fa aṣọ ya, ọrùn rẹ̀ sì ń há sínú igi kó má baà máa yí. M8 tó fún un. Gígùn rẹ̀ ń jáde báyìí: pákó 25, irin 5, wáṣà bíi 1.6, nọ́ọ̀tì bíi 6.5, àti eyín méjì tó máa yọ lókè nọ́ọ̀tì, ìyẹn 2.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40.6. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́jà ni 45. Ẹni tó bá rò pé kó kúkú gùn, tó wá ra 60, lè kó sí wàhálà. Bí tẹ́ẹ̀dì bóòtù 60 náà bá jẹ́ mìlímítà 22 péré, mìlímítà 38 nísàlẹ̀ orí ni tẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ pákó, irin àti wáṣà kò ju 31.6 lọ. Nọ́ọ̀tì á dé òpin tẹ́ẹ̀dì kó tó kan wáṣà. Sípánà á le lọ́wọ́ bíi pé ó ti fún un, síbẹ̀ pákó á ṣì máa mì. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán, kí wọ́n fi ọwọ́ gbìyànjú wáṣà. Bí ó bá ṣì ń yí, bóòtù ti gùn jù.

Pákó ń wú nígbà òjò, ó sì ń súnkì nígbà ọyẹ́, ní fífẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nínú ihò méjì tó di pákó kọ̀ọ̀kan mú lórí irin, kí ọ̀kan jẹ́ roboto, kí èkejì gùn díẹ̀ ní ọ̀nà fífẹ̀ pákó, bíi mìlímítà 9 sí 13. Bí méjèèjì bá há, pákó á là láàárín wọn. Kí bóòtù yìí jẹ́ èyí tí wọ́n rì bọ síńkì bíi ti irin tó dì mú, kí irin méjì tó yàtọ̀ má baà pàdé níbẹ̀.

Láti so pákó mọ́ igi abẹ́ rẹ̀, sukúrúù A4 mìlímítà 5 tó gùn ní 60 ni wọ́n á fi wọlé láti òkè. Nínú 60 yẹn, 25 á wà nínú pákó, 35 á wà nínú igi abẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ á sì ku mìlímítà 5 kó tó yọ. Bí wọ́n bá fi sukúrúù kan náà wọlé láti ìsàlẹ̀, 40 á lọ sínú igi abẹ́, 20 péré ni yóò wà nínú pákó, tẹ́ẹ̀dì tó gbá a mú á sì kéré. Láti inú èyí tó fẹ́lẹ́ sí inú èyí tó nípọn ni sukúrúù ń lọ. Ihò pákó á jẹ́ 5.5, kí pákó lè rí àyè wú, ti igi abẹ́ á jẹ́ 3.5.

Láti so irin ìdábùú mọ́ ẹsẹ̀, bóòtù M10 oní 8.8 tí wọ́n rì bọ síńkì ló tọ́. Irin méjèèjì jẹ́ 10, wáṣà méjì jẹ́ 4, nọ́ọ̀tì jẹ́ bíi 8, eyín méjì jẹ́ 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25, èyí tó kàn dọ́gba, torí náà 30 ni kí wọ́n mú.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, nínípọn pákó á ti dín díẹ̀, fífún bóòtù ìjókòó á sì ti dẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tún mú nọ́ọ̀tì wọn le lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóòtù irin mọ́ irin kì í sábà nílò èyí. Bí ó bá ń tú léraléra, á jẹ́ pé ihò rẹ̀ ti fẹ̀ tàbí pé bóòtù náà ti nà, tuntun ló sì yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.